Àpòòwé Tí Wọ́n Kọ Ẹ̀jẹ́ Sí

Màmá Gègé kì í ṣàṣìṣe. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé nílé ẹjọ́, adájọ́ mẹ́rin ló bá ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dá ìwé padà fún un rí pé kó lọ tún un kọ. Nígbà tí òun náà fẹ̀yìn tì, tí ìjọ ní kó máa bá àwọn kọ owó sílẹ̀, ó gbé ìgbéraga yẹn wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gègé rẹ̀. Gègé yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá yá a tí kò tètè dá a padà, kó yáa múra sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Gbogbo ọmọ ìjọ ló ní àpòòwé tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí owó inú rẹ̀ wà fún ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀: ìdámẹ́wàá, ọrẹ ìdúpẹ́, owó ilé, owó opó, tàbí ẹ̀jẹ́. Tí ìsìn bá parí, àwọn méjì á jókòó, wọ́n á tú àpòòwé, wọ́n á ka owó. Màmá Gègé á ṣí ìwé ńlá rẹ̀, á kọ ọjọ́, á kọ nọ́ńbà, á sì kọ iye owó sí òpó tó yẹ ẹ́, òpó ni àyè tó fi ìlà fà sísàlẹ̀ ojú ewé, òpó kọ̀ọ̀kan ló sì ní irú owó tirẹ̀. Á rò ó lọ sísàlẹ̀, á tún rò ó lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde. Lọ́jọ́ Ajé ni Akápò á gbé owó lọ sí báńkì, ìwé tí báńkì bá fún un á sì bá ti Màmá Gègé mu rẹ́gí. Bí oṣù bá parí, yóò ro òpó kọ̀ọ̀kan pọ̀, Akápò á sì kà á sétí ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tuntun, kí kálukú lè mọ ohun tó wọlé àti ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ìwé kejì wà níbẹ̀ tí í ṣe ìwé ẹ̀jẹ́. Ojú ewé kan fún ẹni kan: iye tó jẹ́jẹ̀ẹ́ lókè, iye tó ń san nísàlẹ̀, àti iye tó kù. Ẹ̀jẹ́ lásán kì í ṣe owó, Màmá Gègé kì í sì í kà á mọ́ owó. Ohun tó bá dọ́wọ́ nìkan ló ń wọ ìwé ńlá. Láti ìgbà tó ti ń ṣe é, ẹ̀jẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ìjọ, ìyẹn ẹ̀jẹ́ òrùlé. Òrùlé ilé ìsìn ti di ajere, bí òjò bá rọ̀, àwọn akọrin á máa ṣí sọ́tùn-ún ṣí sósì bí ẹni tí ń jó. Nítorí náà, àpòòwé tí wọ́n bá kọ ẹ̀jẹ́ sí, òpó owó ilé ló ń lọ. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti máa ṣe é, nítorí kò mú ìbéèrè kankan wá.

Ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Dùùrù. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tẹ dùùrù fún ìjọ náà láìgba owó oṣù. Ó ti tẹ ẹ́ fún ìgbéyàwó àwọn tí ọmọ wọn ti ń ṣègbéyàwó báyìí, ó sì ti tẹ ẹ́ fún òkú àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọdún tó kọjá ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní àìsàn náà ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, ohun tó bá sì ti jẹ, kò ní í pọ̀ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ló lè dá a dúró. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni ojú kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni méjèèjì. Wọ́n wo owó ìfẹ̀yìntì wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú.

Ohun tó bá ojú náà ló bá imú, ìjọ kò sì jẹ́ kó di tiwọn nìkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí tọkọtìyàwó wà ní ilé ìwòsàn, àlùfáà fọ̀rọ̀ náà lọ ìjọ, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ abẹ. Akápò ló wá sọ fún Màmá Gègé. Apoògùn ni Akápò kó tó fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, tó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn tó bá kọlù. Ó ní àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ó lé irínwó ni gbogbo rẹ̀. Ó wá ní káàdì tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ́ náà sí, ọwọ́ òun ni yóò wà. Kò yẹ kí ìyàwó aláìsàn máa wo ẹni tó fi púpọ̀ sílẹ̀ àti ẹni tó fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ojú má baà máa ti ẹnikẹ́ni.

“Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa kọ ohun tó bá wọlé, Màmá,” ló wí. “Káàdì kò kàn yín.”

Ó tẹ́ Màmá Gègé lọ́rùn. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó rò ó re. Ó wá ya òpó tuntun sínú ìwé ńlá, ó fi rúlà fà á kó tọ́, ó kọ “ojú” sórí rẹ̀, ó sì ń retí.

Oṣù àkọ́kọ́, àpòòwé mẹ́ta péré ló wá tí wọ́n kọ “ẹ̀jẹ́ ojú” sí. Nígbà tí Akápò ń ka ìròyìn, ó ka ìdámẹ́wàá, ó ka ọrẹ, ó ka owó ilé tó pọ̀ débi tí ìjọ pàtẹ́wọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó dé orí owó ojú. Ó ka ọgọ́jọ. Bàbá Dùùrù jókòó sídìí dùùrù, ó gbé ọwọ́ lé itan, kò mira. Oṣù kejì kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kẹta, Màmá Gègé ti ń ṣírò ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta jẹ́jẹ̀ẹ́, bóyá méje ló ń san.

Ohun tó wá dà bí iyọ̀ lójú egbò ni owó ilé. Ńṣe ló ń gòkè sí i. Àwọn tí wọ́n ti san ẹ̀jẹ́ òrùlé tán pátápátá, tí òun fúnra rẹ̀ ti fa ìlà sábẹ́ orúkọ wọn nínú ìwé ẹ̀jẹ́, tún ń mú àpòòwé ẹ̀jẹ́ wá. Wọ́n san òrùlé tán, wọ́n tún ń fi kún un! Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ń ṣe búrẹ́dì ní ìgun òpópónà wọn ló burú jù lójú rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún ló ti san gbogbo tirẹ̀ fún òrùlé, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí àpòòwé rẹ̀ má dé, aádọ́ta géérégé nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ́ ni wọ́n kọ sára rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí ìyẹ̀fun ti lẹ̀ mọ́. Màmá Gègé á kọ ọ́ sí òpó owó ilé, á sì gbá àpòòwé náà sẹ́yìn tábìlì bí ẹni gbá eṣinṣin. Páànù dùn lójú wọn ju ojú èèyàn lọ, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, bó sì ṣe ń sọ ọ́, ó ń kọ ọ́ ní kedere, tí àròpọ̀ rẹ̀ sì ń bára mu.

Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn tí wọ́n san kò fi wí nǹkan? Kí ni wọ́n fẹ́ wí? Akápò kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, àròpọ̀ ló ń kà. Ẹni tó san ogún gbà pé ogún tòun wà nínú ọgọ́jọ yẹn, ó sì ń wo aládùúgbò rẹ̀ nínú ìjókòó, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ahun ni ọkùnrin yìí. Aládùúgbò náà ń wò ó padà. Báyìí ni gbogbo ìjọ ṣe fi oṣù méje wo ara wọn bí ẹni wo olè.

Màmá Gègé kò sì wo ẹnikẹ́ni mọ́. Ó dẹ́kun kíkí àwọn èèyàn. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá sẹ́nu ọ̀nà wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí Bàbá fi panu. Màmá Gègé ní kó gbé e padà, ó ní ọkọ òun kì í jẹ òrùlé. Ìyá yẹn dúró, kò mọ ohun tí wọ́n ń bá òun sọ, ó wá rọra yí padà lọ. Àwa kan rò pé ọ̀rọ̀ náà á dun Màmá Gègé tó bá yá. Kò dùn ún. Oorun àsùnwọra ló sùn lọ́jọ́ náà.

Bàbá Dùùrù kò bínú, ìyẹn ló tún wá ń bí ìyàwó rẹ̀ nínú. Ní oṣù kẹfà ló ní òun kò lọ tẹ dùùrù mọ́. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá ojú ni. Ó ní rárá, òun kì í wo dùùrù kí òun tó tẹ ẹ́. Ó ní bóyá ohun tí òun ń tẹ láti ọjọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ iye tí iṣu jẹ́. Màmá Gègé bọ́ sẹ́yìn ilé, ó sunkún tó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì pinnu níbẹ̀ pé àwọn méjèèjì yóò fi ìjọ yẹn sílẹ̀.

Nígbà tí oṣù keje parí, páànù tuntun ti wà lórí ilé ìsìn, ó ń dán yànrànyanran. Màmá Gègé kọ ìwé ìkọ̀ṣẹ́sílẹ̀ lójú ewé kan ṣoṣo, ó di ìwé ńlá àti ìwé ẹ̀jẹ́ mọ́ ara wọn, ó sì gbé wọn lọ fún Akápò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Akápò wà nínú yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ. Ó ka ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, ojú ń tì í láti bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní bí wọ́n bá máa fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó yẹ kí gbogbo ìwé pé, òun yóò sì fi káàdì ẹ̀jẹ́ ojú kún un. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde, ó tú káàdì inú rẹ̀ sórí tábìlì.

“Ẹ bá mi fi orúkọ wọn wé ti ìwé yín,” ló wí, “kí n lè mọ ẹni tí mo máa lọ bá. Ó yẹ kí n ti ṣe é tipẹ́. Mi ò lójú àtiṣe é ni.”

Màmá Gègé kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, kò sì fi iṣẹ́ ṣíṣẹ́kù sílẹ̀ rí. Ó mú káàdì àkọ́kọ́. Nọ́ńbà kejìlá, Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ẹgbẹ̀rún kan ni ìyá náà jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ojú Bàbá Dùùrù, aádọ́ta lọ́sẹ̀, ogún ọ̀sẹ̀.

Ó wò ó títí. Aádọ́ta lọ́sẹ̀.

Ó ṣí ìwé ńlá, ó ń wá nọ́ńbà kejìlá. Ó rí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ náà, aádọ́ta, òpó owó ilé. Ó rí i ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ń ṣí i lọ, ó ń kà á lábẹ́ èémí, nígbà tó dé ogún, aádọ́ta dáwọ́ dúró. Kò sí ìkọkànlélógún. Obìnrin náà ti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ tán láìṣẹ́kù, lọ́jọ́ tó yẹ kó san án tán.

Màmá Gègé fi ìka sí ibi tó kà dé. Ó bi Akápò pé kí ni ó ní kí àwọn èèyàn máa kọ sára àpòòwé.

Akápò ní ẹ̀jẹ́ ni. Ó ní òun sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n má ṣe kọ ojú, kó má baà di pé ìyàwó Bàbá Dùùrù á máa ka àìsàn ọkọ rẹ̀ lára àpòòwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n wá jẹ́jẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà, ló kọ “ẹ̀jẹ́ ojú”. Ó ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń falẹ̀, ó ń wo ojú obìnrin náà.

“Akápò,” ni Màmá Gègé wí, “ẹ̀jẹ́ òrùlé nìkan ni mo mọ̀.”

 Akápò fa àga kan, ó jókòó láìwo ibi tó jókòó sí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà: láti oṣù dé oṣù, àròpọ̀ bá àròpọ̀ mu, báńkì bá ìwé mu, owó kò sì ṣìnà, òpó ló ṣìnà. Ta ni yóò wá a? Owó tí kò sọnù, kì í sẹ́ni tó ń wá a kiri.

Wọ́n ṣe é láti ọ̀sán títí oòrùn fi ń wọ̀. Akápò ń ka káàdì, Màmá Gègé ń wá nọ́ńbà. Ẹni tí ẹ̀jẹ́ òrùlé rẹ̀ ṣì kù nílẹ̀, Akápò fi fóònù bi í léèrè lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti san òrùlé tán, kò sí iyèméjì. Alátùn-únṣe bàtà, ogójì lóṣù, ó pé. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìn odi, ó pé. Ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò, tí Màmá Gègé ti fi ojú burúkú lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kò fo ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ń rí wọn, inú Màmá Gègé kò dùn, ẹ̀rù ló ń bà á. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá pé, ó ń rántí ohun tó ti rò nípa ẹni náà, nígbà míì ó ń rántí ohun tó ti sọ sí i lójú. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, àwọn méjìdínlọ́gọ́ta nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ti ń san. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ ló wà nínú òpó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fi ẹgbẹ̀rún kan tó wà nínú òpó ojú kún un. Ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méje ààbọ̀. Ó tún un rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé kò ní í yí padà.

Owó náà ńkọ́? Ó wà lókè orí wọn, ó ń dán. Nínú owó ilé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n sanwó fún àwọn oníṣẹ́ òrùlé. Akápò jáde síta pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó bá àlùfáà sọ̀rọ̀, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Àlùfáà ní kí wọ́n yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà kí wọ́n fi kún ẹgbẹ̀rún kan ti òpó ojú, ojú kan nìyẹn. Ìjọ yóò dá ìyókù padà láti inú ọrẹ kí oṣù méjì tó pé, ẹ̀jẹ́ tí wọn kò tíì san tán yóò sì fi kún un, ojú kejì nìyẹn. Màmá Gègé mí kanlẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán.

Akápò wá fi ohùn kékeré sọ ohun kan tí ó fi hàn pé èèyàn rere lè ronú òdì. Ó ní àwọn lè kọ àtúnṣe náà sínú ìwé, kí wọ́n yọ owó kúrò ní òpó kan, kí wọ́n fi sí èkejì, kí òun sì ka ìròyìn oṣù méje ní àkàtúnkà láìsọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun tí òun gbé káàdì pamọ́. Kò sídìí tí Bàbá Dùùrù fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ni.

Màmá Gègé ronú sí i. Kí n má purọ́ fún yín, ó ronú sí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó mú gègé pupa, ó kọ àtúnṣe náà láìpa ohunkóhun rẹ́, oṣù kan sí òpó kan, kí ẹnikẹ́ni lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tó dà. Ó kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: “èmi ni mo ṣì í kọ.” Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí Akápò náà fọwọ́ sí i. Ó wá kó káàdì àti ìwé ńlá, ó ní òun yóò dá wọn padà lọ́la, ó sì ń lọ sílé. Ó ní láti kọjá níwájú ilé búrẹ́dì. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń gbá ẹnu ọ̀nà. Màmá Gègé dúró, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbá náà, obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ìyá Oníbúrẹ́dì ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré fà á dìde, ó ń bi í ta ló kú.

Bàbá Dùùrù jókòó sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì bọ́ bàtà tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àpòòwé dé orí páànù, kò dẹ ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ níbì kankan. Nígbà tó parí, ọkọ rẹ̀ kò bínú, kò ké. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé àwọn wo ló san.

Ó ka káàdì fún un. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà ń mi orí. Nígbà tó kan ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yẹn kò mọ orin kankan rí, pé ohùn rẹ̀ ń jáde láti imú. Nígbà tó kan Ìyá Oníbúrẹ́dì, omi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ojú rẹ̀ tàn bí Màmá Gègé kò ṣe rí i kó tàn láti oṣù mélòó kan. Ó ní ṣé gbogbo wọn, àbí? Ó ní kó tún ka ti alátùn-únṣe bàtà. Ó gbọ́ ọ, ó tún ní kó kà á, bí ẹni tí wọ́n ń ka ìwé ìní fún. Màmá Gègé rò nínú ara rẹ̀ pé ó ti tán, pé àwọn ti là á já.

Ọkùnrin náà nawọ́ kan ìwé ńlá. Ó ní kó wo òpó méjèèjì fún òun, kó rò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí oṣù kẹrin nìkan.

Ó ṣí ìwé ńlá lórí itan rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló ti ṣì kọ nígbà náà. Ẹgbẹ̀ta ló wà nínú òpó ojú. Ó fi wọ́n kúnra.

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀,” ló wí.

Bàbá Dùùrù mi orí díẹ̀díẹ̀.

“Ó tó,” ló wí.

Màmá Gègé bi í pé ó tó kí ni.  Ọkọ rẹ̀ ní ní ìparí oṣù kẹrin, ọjọ́ tí òun dá lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà ní ojú òsì ń lọ, pé bí òun bá rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gbà á là. Ó ní òun gbọ́ ìròyìn owó lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, àròpọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀ta lọ. Òun wá rò ó pé ẹni tí kò fún ni, a kì í fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun kò sì fẹ́ kí ìyàwó òun máa bá ìjọ jà nítorí òun ju bó ti ń jà lọ. Nítorí náà, òun délé, òun sọ pé dókítà ní kí àwọn máa kán oògùn lọ.

“Ó ń ríran díẹ̀ ṣá,” ni Màmá Gègé wí. “O sọ fún mi pé ó ń ríran díẹ̀.”

Ọkùnrin náà yí àga rẹ̀ sí i kí àwọn méjèèjì lè kọjú sí ara wọn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ojú òsì là sílẹ̀, ó mọ́ kedere, ó ń wo ibi tí orí ìyàwó rẹ̀ kò sí.

“Mi ò rí ẹ,” ló wí.